Wákàtí kan tó sọnù lóru, àti bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n mọ̀

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, àǹtí tó ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì wa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, wọ́n mú ìwé kan dání tí wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sí káàkiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó àná ò pé o." Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé kì í ṣe pé báńkì ò tíì san tiwọn ni?" Wọ́n ní báńkì ti san, àwọn ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ripọ́ọ̀tù tó ń jáde látinú ẹ̀rọ ló kéré. Wọ́n tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò kà sí nígbà yẹn, wọ́n ní kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń dín o, ó máa ń lé lọ́jọ́ mìíì, tó bá wá di ìparí oṣù á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Dátà àti káàdì fóònù là ń tà níbẹ̀, orí ẹ̀rọ. Mo ti lo oṣù 8, iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fítíwia àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, èmi náà ni mo sì kọ kóòdù ripọ́ọ̀tù ọ̀hún. Láàárín àkókò yẹn kan náà, mo ti ń kọ búlọ́ọ̀gù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6, torí ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ mí, kí n máa gbé ohun tí mo bá kọ́ síta lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Mo sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko, kò sẹ́ni tó kà á, àyàfi àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo fi lìńkì ránṣẹ́ sí tí wọ́n kàn fi àtàǹpàkò dáhùn.

Mo ti padà lọ ka àwọn ohun tí mo kọ nígbà yẹn, mo sì mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Àkọ́kọ́ ń ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ API. Ìkejì sọ ohun 5 tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa Git. Ìkẹta, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi dátábéèsì méjì kan. Gbogbo ẹ̀ ni mo kà nínú ìwé àwọn tó ṣe irinṣẹ́ yẹn fúnra wọn, mo wá fi ọ̀rọ̀ ara mi tún un kọ, àwọn tó ni ín sì ti ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa jù mí lọ kí n tó dé. Tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ti ẹlòmíì sí i, kò sí ńkan kan tó máa yí padà, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn gan-an ni mo ní mò ń wá! Ẹni tó bá ka gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán ò lè sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò lè sọ irú ìṣòro tó lè gbé wá bá mi, kò tiẹ̀ lè mọ̀ bóyá mo ti fọwọ́ kan ohun tí mò ń sọ rí.

Ọ̀rọ̀ àǹtí ló gbé ti ọ̀sẹ̀ keje wá.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní àwọn owó tó wà nínú ìwé báńkì tí kò sí nínú ripọ́ọ̀tù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aago tí wọ́n san án. Mo wo aago yẹn títí, ara mi wá bù máṣọ. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó kọjá aago 1 òru, gbogbo ẹ̀ pátá bọ́ sí àárín aago 12 òru sí aago 1. Ẹ sì mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an lọjà wa máa ń yá, torí àwọn tó ń ra dátà òru, tí wọ́n máa ń dúró de aago 12 kó tó di pé wọ́n sanwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Dátábéèsì wa, Postgres ni, orí sáfà tó ń lo UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ló wà. Aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, jálẹ̀ ọdún, a kì í sún aago síwá sẹ́yìn bíi ti àwọn òyìnbó. Torí náà ẹni tó bá sanwó ní aago 12:30 òru ọjọ́ 14 l'Ékòó, sáfà á ní ọjọ́ 13 ló san án, aago 11:30 alẹ́. Èmi wá kọ kúẹ́rì tó ń bi dátábéèsì pé èló ló wọlé lọ́jọ́ 14, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ọjọ́ 14 tiẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 1 òru tiwa tó sì parí ní aago 1 òru ọjọ́ kejì. Ó já wákàtí àkọ́kọ́ òní sílẹ̀, ó wá lọ mú wákàtí àkọ́kọ́ ọ̀la mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dín lọ́jọ́ kan tó ń lé lọ́jọ́ mìíì, tó sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu níparí oṣù, torí owó ò sọnù rárá, ọjọ́ tó wà ló yàtọ̀. Àǹtí ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi láàárọ̀ yẹn, mi ò kàn mọ̀ pé èsì ni wọ́n fún mi. Látìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá ní àròpọ̀ ojoojúmọ́ òun ò bára mu àmọ́ ti oṣù dára díẹ̀, ibi tí ọjọ́ kan ti pàdé èkejì ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Kí ló dé tí mi ò rí i nígbà tí mò ń dán an wò? Torí orí láptọ̀pù mi ni mo ti dán an wò. Postgres tí mo fi sórí láptọ̀pù mú aago láptọ̀pù, aago Èkó, èsì tó ń fún mi sì pé pérépéré. Kóòdù kan náà, kúẹ́rì kan náà, ó dé orí sáfà ó di ńkan mìíì. Ẹ tẹ `SHOW TIME ZONE;` lórí méjèèjì, ẹ máa rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó láti kọ ti ọ̀sẹ̀, ọwọ́ mi sì lọ fúnra ẹ̀. Mi ò ní láti wá kókó kankan káàkiri, ó ti wà nínú fáìlì kan tí mo ṣí láàárọ̀ tí àǹtí wá, `notes.md` lásán, tí mo kọ ohun mẹ́rin sí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ohun tí mo rí, ohun tí mo kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, ohun tó padà jẹ́, àti bí mo ṣe mọ̀. Ìkejì yẹn làwọn èèyàn kì í kọ sílẹ̀, òun gan-an ló sì wúlò jù lọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé báńkì ló jẹ̀bi, mo tún wá rò pé kóòdù wa ń ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì, mo fi odidi ọjọ́ kan wá ìyẹn. Ẹni tó bá wà nínú ìṣòro yìí lónìí, ibi tí èmi wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wà, kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aago ni. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi látorí aago, kò ní mọ̀ pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí owó tí kò pé, á dúró kà á. Ẹ má sì dúró di ọjọ́ Jímọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ìkejì yìí o, torí tójú bá ti là tán, èèyàn á gbàgbé bí òkùnkùn ṣe rí, á máa rò pé òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá ń bẹ níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tí mo tọwọ́ bọ̀ sọ pé ohun tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ jáde, àwọn oníbàárà wa náà ò ní kí n gbé owó àwọn sójú ayé. Torí náà mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ aago yìí, mi ò ní dárúkọ wa, mi ò sì ní fi ohunkóhun tiwa sí i." Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn àwọn. Ohun tó yọ mí níbẹ̀ ni pé mi ò kọ ohunkóhun láti orí sáfà wa rárá. Mo ṣí dátábéèsì òfìfo lórí láptọ̀pù ara mi, mo ṣe tábìlì kékeré tó ní ìlà mẹ́ta péré, mo wá jẹ́ kí àṣìṣe yẹn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀:

```sql
CREATE TABLE sanwo (id serial, iye int, akoko timestamptz);
INSERT INTO sanwo (iye, akoko) VALUES
  (500, '2023-03-14 00:30+01'),
  (700, '2023-03-14 09:00+01'),
  (300, '2023-03-15 00:20+01');
SET TIME ZONE 'UTC';
SELECT sum(iye) FROM sanwo WHERE akoko::date = '2023-03-14';
```

Owó tó wọlé lọ́jọ́ 14 l'Ékòó, 500 àti 700 ni, 1200 ló yẹ kó jáde. 1000 ló jáde. Ó ju 500 aago 12:30 òru nù, ó wá mú 300 tó jẹ́ ti ọ̀la. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Postgres lè kọ ọ́ sínú tiẹ̀ kó rí i lójú ara ẹ̀ kó tó ìṣẹ́jú 2.

Mi ò lè sọ bí ìlà mẹ́ta yìí ṣe ṣe mí lóore tó. Ó gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, torí kò sí orúkọ tábìlì wa, kò sí iye wa, kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó tún jẹ́ kó dá mi lójú pé ohun tí mò ń sọ jóòótọ́, torí ìgbà míì wà tí mo ti gbìyànjú láti jẹ́ kí àṣìṣe kan tún ṣẹlẹ̀ báyìí tí kò ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé mi ò tíì mọ ohun tó fà á, mo kàn rò pé mo mọ̀ ni. Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi kì í gbé e síta. Mo máa kọ ńkan kékeré míì, màá sì padà sí i tó bá yá. Sikirinṣọ́ọ̀tì sáfà iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ jìnnà sí pátápátá, torí ojú yín máa wà lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ ò ní rí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ API lẹ ṣèèṣì gbé lọ sórí GitHub, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́ ó ti tán, ó ṣì wà nínú ìtàn fáìlì yẹn, kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ fagi lé kẹ́ ẹ gba òmíì.

Àkọlé ńkọ́? Àkọlé tí mo kọ́kọ́ fún un ni "Ohun tí mo kọ́ nípa aago". Mo dúpẹ́ pé mi ò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yí i sí ohun tí ẹni tí wàhálà bá máa tẹ̀ sínú Google láàárín òru, Postgres, àròpọ̀ ojoojúmọ́ tí kò bára mu, wákàtí 1. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ búlọ́ọ̀gù yẹn torí ọ̀rọ̀ tó bá hàn lójú ẹ̀rọ làwọn èèyàn ń dà kọ síbi ìwákiri, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà lókè.

Mo gbé e síta lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà kan wọlé.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní London ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, a ò mọra rí. Wọ́n ní, "Àbúrò, o ṣeun, o ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó o kọ sísàlẹ̀ yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀ fẹ́ni tí ọjà ẹ̀ bá pọ̀." Àtúnṣe tí mo kọ síbẹ̀ rèé:

```sql
WHERE (akoko AT TIME ZONE 'Africa/Lagos')::date = '2023-03-14'
```

Èsì ẹ̀ pé o, 1200 ló ń jáde. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ ni pé dátábéèsì máa ń ní íńdẹ́ẹ̀sì, bíi ìwé tí wọ́n to orúkọ sí ní a-b-d, kó má bàa máa ṣí gbogbo ojú ìwé kó tó rí ohun tó ń wá. Íńdẹ́ẹ̀sì tó wà lórí `akoko`, bí aago ṣe wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi tò ó. Èmi wá ní kó yí aago ìlà kọ̀ọ̀kan padà kó tó fi wé ọjọ́ 14, torí náà ìwé tí wọ́n tò yẹn ò wúlò fún un mọ́, ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n má gba àwọn gbọ́, kí n lọ wò ó fúnra mi.

Mo ṣe tábìlì tuntun, mo fi `generate_series` da ìlà mílíọ̀nù 1 sínú ẹ̀, sísanwó kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú àáyá 30, ìyẹn tó bí ọjọ́ 347. Mo fi íńdẹ́ẹ̀sì sórí `akoko`, mo kọ `EXPLAIN ANALYZE` síwájú kúẹ́rì mi kó lè fi ọ̀nà tí dátábéèsì gbà wá a hàn mí. `Seq Scan` ló kọ síbẹ̀, ó ka mílíọ̀nù kan nítorí ìlà 2,880 péré. Mo wá kọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, pé kéèyàn fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọjọ́ ló máa yí sí aago Èkó:

```sql
WHERE akoko >= timestamp '2023-03-14 00:00' AT TIME ZONE 'Africa/Lagos'
  AND akoko <  timestamp '2023-03-15 00:00' AT TIME ZONE 'Africa/Lagos'
```

`Index Scan`. Lọ́gán.

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Ó ṣe mí bíi kí n yára lọ pa ti àtijọ́ rẹ́ kí n kọ tuntun síbẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látàárọ̀. Àmọ́ àwọn kan ti kà á, bóyá àwọn míì sì ti dà á kọ lọ síbi iṣẹ́ wọn. Torí náà mo fi àtúnṣe sókè pátápátá, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣe é, mo kọ ọ́ pé ohun tí mo sọ nísàlẹ̀ máa fún yín ní èsì tó pé àmọ́ ó máa falẹ̀ tí tábìlì bá tóbi, èyí ni kẹ́ ẹ lò, ìdí ẹ̀ rèé. Mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀, mo fàlà sí i. Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá kí n dárúkọ wọn, wọ́n ní rárá, kí n kàn sọ pé ẹnì kan tọ́ mi sọ́nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè, ká má tíì wá sọ ti ọmọdé bíi tèmi. Wọ́n tún fi ohun kan kún un tí mo gbádùn gan-an, wọ́n ní níbi tiwọn, bọ́gì yìí kan náà máa ń sùn nígbà òtútù, torí aago London àti UTC bára mu nígbà yẹn, tó bá wá di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹta tí wọ́n bá sún aago síwájú, á jí. Á máa bá wọn fà á títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá dán kóòdù ẹ̀ wò nínú oṣù kìíní á búra pé kò sí ńkan kan tó ṣe é. Ìyẹn ni mo fi ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló yé mi pé ohun tí mò ń pè ní orúkọ, ibi àtúnṣe yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìmọye èèyàn ló lè kọ nípa aago. Ẹni tó kọ ọ́, tó fi bí òun ṣe ṣe é hàn, tí wọ́n sọ fún un pé kò dára tó, tó lọ dán an wò tó sì tún un ṣe lójú gbogbo ayé, èèyàn á mọ irú ẹni tí òun máa bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀, mo dín ohun tí mò ń kọ nípa ẹ̀ kù. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ́gbọ́n, ohun tó bá ti gbòde ni. Látìgbà yẹn, owó tó ń gba inú dátábéèsì kọjá ni mò ń kọ, ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìdí tí kò fi yẹ ká fọ́n ọn káàkiri ni pé ẹni tó bá wá torí ọ̀rọ̀ aago, tó bá rí ọ̀rọ̀ sísanwó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á ka ìyẹn náà, tó bá wá ka mẹ́ta, orúkọ mi ti so mọ́ ńkan kan lórí ẹ̀. Ire Aderinokun ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá bi mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù wọn, `bitsofco.de`, lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ nípa ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, HTML, CSS, JavaScript, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí, àwọn ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di Google Developer Expert, oyè tí Google fi ń dá àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ibẹ̀, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, ohun kan péré lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ṣàlàyé dé gbòǹgbò.

Ibi tí ẹ bá gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Mo ra àdírẹ́sì ara mi, mo fi GitHub Pages gbé e síta, ìyẹn ọ̀fẹ́ ni, fáìlì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ ẹ̀ wà lára orúkọ ẹ̀. Mo ṣì máa ń gbé e lọ sí dev.to torí èrò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ mo máa ń kọ `canonical_url` sókè ẹ̀ kí Google lè mọ̀ pé tèmi ni ojúlówó, kó má lọ máa fi ti ibẹ̀ hàn dípò tèmi. Ti LinkedIn, ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń kọ síbẹ̀ pẹ̀lú lìńkì. Ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti rì, èyí tó wà ní àdírẹ́sì mi ni wọ́n ṣì ń rí lẹ́yìn ọdún kan.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó máa rí i o. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, tí mo bá ṣí Search Console, ibi tí Google ti ń fi hàn ẹni bí àwọn èèyàn ṣe rí ojú ìwé ẹni, iye tó tẹ ibẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, bíi `postgres daily total wrong` tàbí `sum by day timezone off by one hour`, mo sì lè fojú inú rí ẹni yẹn níwájú ẹ̀rọ ẹ̀, pẹ̀lú àǹtí kan tó mú ìwé dání tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ yẹn ni mò ń wò, mi ò wo iye tó fẹ́ràn ẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá torí ohun tí mi ò tíì dáhùn dáadáa, mo ti rí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀, kí ló dé tí kì í ṣe ojoojúmọ́. Mo gbìyànjú ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 9. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ò tó kí ńkan ti bàjẹ́, kí n ti wá ohun tó fà á, kí n tún un ṣe, kí n sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí náà ọjọ́ kẹrin ni mo ti padà sídìí kíka ìwé oníwèé. Oṣù kan sì ti jù, torí ohun tí mo kọ sínú `notes.md` lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kì í yé èmi gan-an tí mo kọ ọ́ mọ́. Wákàtí 2 ni mò ń lò lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀kan fún mímú kí àṣìṣe yẹn tún ṣẹlẹ̀ nínú tábìlì kékeré, ọ̀kan fún kíkọ. Tí wákàtí 2 bá pé tí kò tíì parí, ohun tí mo mú ti tóbi jù, mo máa ń gé e sí méjì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ fún ìntáfíù kan. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ ìdánwò bíi ti gbogbo èèyàn, mo ṣe é, búlọ́ọ̀gù ò gba ìyẹn sílẹ̀ lórí mi. Àmọ́ nígbà tá a jókòó, obìnrin tó máa jẹ́ ọ̀gá mi ṣí láptọ̀pù wọn, ojú ìwé ọ̀rọ̀ aago yẹn ló wà níbẹ̀, ibi àtúnṣe. Wọ́n ní, "Mo rí i pé wọ́n tọ́ ọ sọ́nà níbí. Kí lo rò tẹ́lẹ̀, báwo lo sì ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, mílíọ̀nù 1, `Seq Scan`, ojú tó tì mí. Ó ju ìdajì wákàtí lọ tá a fi sọ ọ̀rọ̀ yìí nìkan, bí ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo gba iṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni mo wà dòní.

Àǹtí ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí títí di ìgbà tí mo fẹ́ kúrò. Mo fi hàn wọ́n lórí fóònù mi, mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, ìlà dé ìlà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ owó tí mo wá bá ọ sọ lo gbé káyé báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní tí ńkan bá tún ṣe àwọn, àwọn á máa pè mí.

Wọ́n sì ń pè mí lóòótọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni wọ́n pè, wọ́n ní owó orí ọjà, VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó wà nínú ìwé ìnáwó kan fi kọ́bọ̀ 1 yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ṣírò fúnra wọn, pé ọ̀hún 22.47, tàwọn 22.48. Mo bi wọ́n pé ọjà mélòó ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní mẹ́ta, ₦99.90 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mú bírò. Tí èèyàn bá ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, 7.4925 ni, ó di 7.49, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 22.47. Tó bá ro owó pọ̀ kó tó ṣírò, 299.70, 22.4775 ló jáde, ó di 22.48. Mo ti ṣí `notes.md`, mo ti kọ ohun tí mo rí àti ohun tí mo rò pé ó jẹ́ síbẹ̀. Mi ò tíì mọ èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣe gan-an, tàbí bóyá ó ń ṣe é bákan náà níbi gbogbo. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Jímọ̀.